Ìlà tó kẹ́yìn lábẹ́ àwòrán ọjà

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ lẹ́nu ọjà orí fóònù. Ọ̀yọ́ ni mo wà, báàgì aláwọ ni mò ń rán. Àwọn èèyàn ń wo státọ́ọ̀sì mi, wọ́n ń yìn ín, ṣùgbọ́n wọn kì í rà. Mo sì máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n pè mí. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o. Èlùbọ́ láfún ni èmi ń tà ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítòsí Tákìé. Ẹ sì mọ̀ wá, Ògbómọ̀ṣọ́ ajílété, ibi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, nítorí náà kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn ohun tí mò ń tà. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Ìbàdàn àti Èkó gan-an ni oníbàárà mi. Síbẹ̀, ó tó ọdún kan tí mo fi ń gbé àwòrán síta, tí wọ́n á máa kọ "ọkà wa nìyẹn!" sí mi, tí alẹ́ẹ̀tì kò ní dún.

Ohun tí mo máa ń kọ sábẹ́ àwòrán nígbà yẹn nìyí, mi ò tún un ṣe:

"Èlùbọ́ láfún funfun báláú, kò ní iyanrìn. Ẹ pè wá tàbí kẹ́ ẹ kọ̀wé sí wa láti mọ iye rẹ̀. Ẹ tún lè wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹ bá wa ṣíà á, kẹ́ ẹ sì wọlé sí gúrúùpù wa. Ẹ tẹ̀lé wa lórí Fesibúùkù. A dúpẹ́."

Ẹ kà á wò: pè, kọ̀wé, wá, ṣíà, wọlé, tẹ̀lé. Iṣẹ́ mẹ́fà ni mo rán ẹni tó ń fi àtàǹpàkò kan wo fóònù nínú ọkọ̀ èrò. Ẹni tó wà l'Ékòó kò lè wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Tákìé. Ẹni tó wà níbi iṣẹ́ kò lè pè, ọ̀gá rẹ̀ ń wò ó. Èyí tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni kí wọ́n ṣíà á, òun náà ni wọ́n sì ń ṣe. Ẹjọ́ wọn kọ́. Èmi ni mo to èyí tí kò mówó wá pọ̀ mọ́ èyí tó ń mówó wá, tí mo ní kí wọ́n mú èyí tó wù wọ́n.

Ìyá ọkọ mi ló là mí lójú, màmá ò sì mọ nǹkan kan nípa Wásáàpù. Mo bá wọn jókòó lọ́jọ́ kan níbi àtẹ wọn lọ́jà. Obìnrin kan dúró, ó ń wo èlùbọ́. Màmá kò ní kó wá lọ́la, wọn ò sì ní kó lọ sọ fún àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n bu èlùbọ́ díẹ̀ sí i ní àtẹ́lẹwọ́, wọ́n jẹ́ kó fi ìka rún un, wọ́n sọ iye rẹ̀. Wọ́n wá gbé kóńgò dání, wọ́n ní, "Mélòó ni kí n wọ̀n?" Wọ́n dákẹ́. Wọn ò tún sọ nǹkan kan mọ́. Obìnrin náà wo àpò rẹ̀, ó ní, "Ẹ wọn méjì."

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni mo gbé lọ sílé. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá ti máa sọ̀rọ̀ lọ títí obìnrin náà á fi rí àyè lọ.

Lọ́sẹ̀ yẹn, mo kọ tuntun:

"Èlùbọ́ láfún tuntun. Kóńgò márùn-ún, ₦12,000, tòun ti owó ọkọ̀ dé Ìbàdàn. Ọkọ̀ á gbéra láàárọ̀ Sátidé. Bí ẹ bá fẹ́ tiyín, ẹ tẹ 5 ránṣẹ́ sí mi kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́bọ̀."

Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ 5 ni pé ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́ láìkúrò níbi tó jókòó sí. Kò ní máa ronú bóyá kó kí mi kó tó béèrè, tàbí bí ó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Lórí státọ́ọ̀sì Wásáàpù, tó bá ti fèsì, inú àpótí mi ló ń bọ́ sí tààrà, àwòrán ọjà náà á sì tẹ̀ lé e, nítorí náà mo mọ ohun tó ń sọ. Owó ọjà ti wà níta, kò sí ẹni tó máa wá béèrè "èló ni?" kó tó sá lọ. Ọjọ́bọ̀ kì í ṣe ọjọ́ tí mo kàn mú láti fi dẹ́rù bà wọ́n: ọjọ́ Ẹtì ni a máa ń jọ̀ ọ́, tí a ń dì í, mo sì gbọ́dọ̀ mọ iye tí mo máa jọ̀.

Èèyàn 186 ló wò ó. Mẹ́tàlélógún tẹ 5. Nígbà tí mò ń kọ ẹ̀bẹ̀ mẹ́fà, bí mo bá rí méjì tó kọ̀wé lọ́sẹ̀ kan, mo dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ̀ fún mi. Nínú mẹ́tàlélógún yẹn, mẹ́fà péré ló sanwó. Mo kọ́kọ́ rò pé aláwàdà ni wọ́n. Nígbà tí mo padà lọ ka ohun tí èmi fúnra mi fi dá wọn lóhùn, ojú tì mí: "Ẹ ṣeun gan-an. Kóńgò mélòó lẹ fẹ́? Níbo lẹ wà? Ṣé ẹ máa sanwó báyìí ni àbí tó bá dé? Ẹ ti wọ gúrúùpù wa?" Mo ti lé ẹ̀bẹ̀ mẹ́fà jáde lẹ́nu ọ̀nà iwájú, ó tún gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n ń tẹ 5, aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo ń dáhùn, nígbà tí ọkàn wọn ti kúrò níbẹ̀.

Ní báyìí, èsì mi ní ohun kan ṣoṣo tí wọ́n máa ṣe: nọ́ńbà àkáǹtì, orúkọ tó wà lórí rẹ̀, ₦12,000, "ẹ fi rìsíìtì ránṣẹ́ síbí." Lẹ́yìn tí rìsíìtì bá dé ni mo tó ń béèrè orúkọ ẹni tó máa gbà á ní gáréèjì. Wásáàpù oníṣòwò ní ibi tí ẹ ti lè fi irú èsì bẹ́ẹ̀ pa mọ́, tó fi jẹ́ pé ẹ kàn máa tẹ `/owo` tí gbogbo rẹ̀ á sì jáde. Òun ló gbà mí lọ́wọ́ ìdákẹ́ wákàtí márùn-ún.

Lórí Fesibúùkù, "ẹ tẹ 5" kò ṣiṣẹ́ bákan náà. Abẹ́ àwòrán ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí, níwájú gbogbo ayé, kó tó di pé mo rí wọn, ó ti dọjọ́ kejì. Líǹkì tó máa gbé wọn wọ Wásáàpù mi ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ níbẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn. Bó ṣe rí nìyí:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=LAFUN%205
```

Ẹ yọ òdo tó ṣáájú nọ́ńbà yín kúrò, 234 ló máa rọ́pò rẹ̀, ẹ má sì fi àmì àròpọ̀ síwájú. Àyè òfìfo láàárín ọ̀rọ̀ méjì ni %20 dúró fún. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, "LAFUN 5" á ti wà nínú àpótí ìkọ̀wé wọn, kí wọ́n kàn fi ránṣẹ́ ló kù. Èmi fi òdo sílẹ̀ níjọ́ àkọ́kọ́, gbogbo ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n sọ fún pé nọ́ńbà náà kò sí lórí Wásáàpù, odindi ọjọ́ kan ni mo sì fi ń rò pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ọjà mi. Ẹ fi fóònù ẹlòmíràn dán an wò kẹ́ ẹ tó gbé e síta. Àǹfààní mìíràn ni pé tí mo bá rí LAFUN, mo mọ̀ pé Fesibúùkù ló ti wá.

Ẹ máa kọ nọ́ńbà mẹ́ta sílẹ̀: iye tó wò ó, iye tó ṣe ohun tẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣe, iye tó sanwó. Bí àwọn tó wò ó bá pọ̀ tí àwọn tó kọ̀wé kéré, ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni kẹ́ ẹ tún ṣe, tàbí owó ọjà ló ga lójú wọn. Bí àwọn tó kọ̀wé bá pọ̀ tí wọn ò sanwó, ẹ má fọwọ́ kan ìlà náà, ohun tẹ́ ẹ fi ń dá wọn lóhùn ni kẹ́ ẹ lọ wò. Mo ti rí ẹni tó ń pààrọ̀ àwòrán lójoojúmọ́ nígbà tó jẹ́ pé ìdáhùn pípẹ́ ló ń lé oníbàárà rẹ̀ lọ.

Lórí báàgì yín, mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ ṣe bíi tèmi gẹ́lẹ́. Àwọn èèyàn mọ bí èlùbọ́ ṣe ń rí, wọ́n lè sanwó láìrí i. Ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan awọ yín kò ní ka owó báàgì sílẹ̀ nítorí státọ́ọ̀sì kan. Ohun tẹ́ ẹ máa bẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ kéré ju owó lọ, kó sì mú un sún mọ́ owó. Bó ṣe lè rí nìyí, ẹ fi iye tiyín sí i:

"Báàgì aláwọ, ọwọ́ ni mo fi rán an, ₦… Mẹ́ta péré ni ọwọ́ mi lè ká lóṣù yìí. Ẹ kọ DÚDÚ tàbí PUPA ránṣẹ́ sí mi, màá ya awọ tó wà nílẹ̀ ní fídíò fún yín."

Àwọ̀ méjì ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n máa ṣe. Ẹni tó bá ti kọ DÚDÚ ti ń wo báàgì náà ní èjìká ara rẹ̀. Fídíò ni kẹ́ ẹ fi dá a lóhùn, kẹ́ ẹ na awọ náà, kẹ́ ẹ jẹ́ kó rí ojú rírán, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ bi í pé "Ṣé kí n gé e?" kẹ́ ẹ sì dákẹ́ bíi màmá.

Bí mẹ́ta kò bá jẹ́ òótọ́, ẹ má kọ mẹ́ta. Mo kọ "ó ku àpò méjì" nígbà kan, ẹ̀gbọ́n oníbàárà mi kan yà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, ó bá àpò mọ́kànlá níbẹ̀. Oníbàárà yẹn kò tíì padà ra èlùbọ́ lọ́wọ́ mi títí dòní.

Ẹ gbé e síta lẹ́ẹ̀mejì, torí wákàtí mẹ́rìnlélógún ni státọ́ọ̀sì fi ń wà: lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àti láàárọ̀ ọjọ́ tí àyè máa tì. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ṣíà á, ẹ fi ọjọ́ ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún un. Tẹ́ ẹ bá ti ní nọ́ńbà mẹ́ta yẹn lọ́wọ́, ẹ kọ wọ́n sábẹ́ ibí, ká jọ wò wọ́n.