Ọkọ̀ àjọrà: ẹ kọ bí ẹ ṣe máa pínyà kí ẹ tó rà á

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, èmi àti ọ̀rẹ́ wa kan fẹ́ da owó jọ ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa mú owó tó pọ̀ jù wá. Ọ̀rẹ́ wa ló máa mú èyí tó kéré jù, ṣùgbọ́n òun gan-an ló máa lò ó jù. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu ti tó láàárín wa, pé ìwé kò pọn dandan. Ṣé lóòótọ́ ni? Tó bá sì pọn dandan, kí ni ká kọ sínú rẹ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ ẹnu lè di àdéhùn lábẹ́ òfin ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ̀rí ni kì í sí. Nínú gbogbo aáwọ̀ ọkọ̀ àjọrà tí wọ́n ti gbé wá sí ọ́fíìsì mi, mi ò rántí ẹyọ kan tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ra ọkọ̀. Ọjọ́ tí ẹnì kan fẹ́ yọwọ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń kó lọ síbòmíràn, tàbí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá ní, "Ẹ fún mi lówó mi." Èló ni owó ọ̀hún? Ẹni tó ń lọ ń rántí iye tó dá, àwọn tó kù ń wo ọkọ̀ tó ti gbó níwájú wọn. Kò sí òpùrọ́ nínú wọn. Wọn ò jọ sọ ọ́ rí ni. Ibi ìpínyà yìí ni àdéhùn yín ti gbọ́dọ̀ le jù, ibẹ̀ sì ni mo máa pẹ́ sí jù.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ kọ ni ìpín kálukú. Ká pín gbogbo owó tí ọkọ̀ náà ná yín sí ọ̀nà 100, títí kan owó ìforúkọsílẹ̀ àti àtúnṣe tẹ́ ẹ ṣe kó tó bọ́ sójú ọ̀nà. Ká ní ẹ̀gbọ́n yín dá 50, ẹ̀yin fúnra yín dá 30, ọ̀rẹ́ yín dá 20. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá bá ọ̀rẹ́ yín san díẹ̀ nínú 20 yẹn, ẹ kọ ọ́ bóyá ẹ̀bùn ni tàbí gbèsè láàárín àwọn méjèèjì, kí ẹ sì fi kún un pé kò yí ìpín padà. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, lọ́jọ́ tí inú bá bí i, ẹ̀gbọ́n yín máa ní ìpín òun ti ju 50 lọ, kò sì ní sí ohun tẹ́ ẹ máa fi já a nírọ́.

Ẹ̀tọ́ lórí ọkọ̀ yàtọ̀ sí lílo ọkọ̀, ìdí sì nìyẹn tí ìnáwó rẹ̀ fi pín sí méjì. Àwọn owó kan wà tí ọkọ̀ máa ná yín bó tilẹ̀ dúró sójú kan: owó adójútòfò, owó ìwé ọkọ̀ ọdọọdún, owó ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bí ìpín yín bá ṣe rí ni kẹ́ ẹ ṣe san án. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ìrìn ló ń jẹ wọ́n, bí epo, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, táyà àti bíréèkì. Iye kìlómítà tí kálukú rìn ni kẹ́ ẹ fi pín ìwọ̀nyí.

Ẹ wò ó báyìí. Ká ní láàárín oṣù kan ọkọ̀ náà rin 1,500 kìlómítà: ẹ̀gbọ́n yín rin 300, ẹ̀yin rin 300, ọ̀rẹ́ yín rin 900. Ká tún ní táyà mẹ́rin tẹ́ ẹ rà lè rin 40,000 kìlómítà kó tó gbó. Bí ìrìn yín bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ yín á ti jẹ 24,000 nínú rẹ̀, ẹ̀yin méjì tó kù á jẹ 8,000, 8,000. Bẹ́ ẹ bá fi ìpín san owó táyà tuntun, ẹ̀gbọ́n yín á san ìdajì owó ohun tó jẹ́ pé ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ péré ló lò. Ó lè fara mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, torí pé àgbà ni. Nígbà tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

Ẹ má sì dúró dìgbà tí táyà bá bẹ́ kẹ́ ẹ tó wá owó. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ lọ́jọ́ náà ló máa dà bí ẹlẹ́bi. Ẹ gbé owó táyà mẹ́rin, ẹ fi 40,000 pín in. Ẹ gbé owó ọ́ìlì àti fílítà, ẹ fi iye kìlómítà tí ìwé tó bá ọkọ̀ wá ní kẹ́ ẹ máa rìn kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ wọn pín in. Ẹ ṣe bíréèkì bákan náà. Àròpọ̀ wọn ni owó kìlómítà kan. Lópin oṣù, kí kálukú fi iye tó rìn sọ ọ́ di púpọ̀, kó sì san án sínú àpò ọkọ̀, ìyẹn àkáǹtì báńkì tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí owó tó jáde. Epo ò ní ìṣirò kankan: ibi tí ẹnì kan bá bá a nínú táǹkì ni kó dá a padà sí.

Gbogbo èyí dúró lórí ìwé kékeré kan tó gbọ́dọ̀ máa wà nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá gbé e á kọ orúkọ, ọjọ́, aago, àti òǹkà kìlómítà tó wà níwájú awakọ̀, nígbà tó gbé e àti nígbà tó dá a padà. Ó tún dára kó fi fóònù ya òǹkà náà. Ìwé yìí náà ló máa sọ ẹni tó ni owó ìtanràn bí lẹ́tà bá dé lẹ́yìn oṣù méjì pé ọkọ̀ yín sá eré àsápajúdé.

Bí ẹnì kan bá fi ọkọ̀ gbá nǹkan, òun ni kó san ohun tí adójútòfò kò bá san. Bí ẹ́ńjìnnì tàbí jíà bá kú nítorí ogbó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Àwọn agbẹjọ́rò kan fẹ́ kẹ́ ẹ fi kìlómítà pín in. Ní tèmi, ìpín ló tọ́, torí pé irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ló ń gbé iye ọkọ̀ dúró, ẹni tó ní ìpín tó pọ̀ jù ló sì máa jèrè rẹ̀ jù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tà á. Èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, ẹ kọ ọ́. Ẹ tún kọ iye tí ẹnì kan lè ná lórí àtúnṣe láìbi ẹlòmíì.

Ó wá ku ibi ìpínyà. Ká ní lẹ́yìn ọdún 2, ọ̀rẹ́ yín ní òun fẹ́ yọwọ́. Ó dá 20, ṣùgbọ́n kì í ṣe 20 ló máa gbà. Ọkọ̀ kì í ṣe ilẹ̀; bó ṣe ń rìn ni owó ń jáde lára rẹ̀. Iye tó bá tó lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ yín fẹ́ lọ ni ẹ máa pín. Kí àdéhùn sọ pé òun á mú ẹnì kan tó mọ iye ọkọ̀ wá, ẹ̀yin tó kù náà á mú ẹnì kan wá, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹbí tàbí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ náà. Ká ní ọ̀kan ní ó tó 62, èkejì ní 68. Ẹ mú àárín rẹ̀, 65. Ìdá kan nínú márùn-ún 65 jẹ́ 13. Bó bá jẹ àpò ọkọ̀ ní 2, ẹ yọ ọ́, 11 ló máa mú lọ. Owó kìlómítà tó ti san sínú àpò kò ní bá a lọ, torí táyà àti ọ́ìlì tó ti jẹ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló san án fún.

Ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín lẹ máa jọ ra 13 náà, bí ìpín yín bá ṣe rí: ìdá 5 nínú 8 fún ẹ̀gbọ́n, ìdá 3 nínú 8 fún ẹ̀yin. Ìpín yín á wá di 62.5 àti 37.5. Bí owó kò bá sí nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ iye oṣù tẹ́ ẹ máa fi san án tán. Mo sábà máa ń dábàá oṣù 6. Ọjọ́ tó bá gba owó àkọ́kọ́ ni kó dá kọ́kọ́rọ́ padà, kó sì jáwọ́ nínú ìnáwó, ṣùgbọ́n ìpín rẹ̀ tẹ́ ẹ kò tíì san kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí ẹ ó fi san tán.

Bẹ́yin méjèèjì kò bá lè rà á ńkọ́? Ó lè mú ẹlòmíràn wá, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ẹni náà, torí awakọ̀ lẹ ń gbà, kì í ṣe owó nìkan. Bí ọjọ́ 90 bá kọjá tí kò sí olùrà, ẹ ta ọkọ̀, kẹ́ ẹ pín owó rẹ̀ bí ìpín. Àwọn èèyàn kì í fẹ́ kọ ìlà yìí, ó ń dà bí ẹni ń ṣépè fún ara wọn. Ṣùgbọ́n láìsí i, ẹni tó fẹ́ lọ á há síbẹ̀, ilé ẹjọ́ nìkan ló sì máa kù fún un.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló kàn. Mo gba ẹjọ́ àwọn àbúrò méjì kan rò nígbà kan. Àwọn àti ẹ̀gbọ́n wọn ló jọ ra ọkọ̀, orúkọ ẹ̀gbọ́n nìkan ló wà lórí rìsíìtì àti ìwé ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n kú. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa àdéhùn, ó sì kà á mọ́ ogún. Àwọn àbúrò mú ìwé báńkì wá pé àwọn fi owó ránṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò kọ ohun tí owó náà wà fún. Ẹ̀bùn lè rí bẹ́ẹ̀, gbèsè tí wọ́n ń san padà náà lè rí bẹ́ẹ̀. A parí ẹ̀ nílé, ohun tí wọ́n gbà kò sì tó ìdajì ohun tó tọ́ sí wọn. Nítorí náà, kí orúkọ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí rìsíìtì. Bó bá jẹ́ ẹnì kan péré ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìlú yín máa gbà, kí àdéhùn sọ pé ó dì í mú fún gbogbo yín ni, kò sì lè dá tà á tàbí fi yáwó. Tẹ́ ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpín ọkọ̀ ni. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú pé bí ẹnì kan bá kú, àwọn àrólé rẹ̀ á gba iye ìpín rẹ̀ lówó, ní ìlànà kan náà tí mo ṣírò sókè.

Kí iléeṣẹ́ adójútòfò mọ gbogbo ẹni tó máa wa ọkọ̀ náà, àti ẹni tó máa wà á jù, ìyẹn ọ̀rẹ́ yín. Bẹ́ ẹ bá fi orúkọ ẹ̀gbọ́n síwájú kí owó lè dínkù, wọ́n lè kọ̀ láti san kọ́bọ̀ lọ́jọ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Bó bá sì wà lọ́kàn ọ̀rẹ́ yín láti fi kó èrò gbowó, kó sọ ọ́ báyìí, torí adójútòfò ọkọ̀ ti ara ẹni kì í sábà bo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ojú ewé méjì tó gbogbo èyí. Kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí kò ní ìpín níbẹ̀, kí kálukú mú ẹ̀dà kan, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà ara ọkọ̀ àti òǹkà kìlómítà ọjọ́ náà sí ìlà àkọ́kọ́.