Oṣù kẹrin ni owó ń tán: ìwé ìṣirò oṣù 12 fún aládìrẹ

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Mo fẹ́ fi Excel ṣírò owó tó máa wọlé àtèyí tó máa jáde fún oṣù 12, kí n rí bó ṣe máa rí tí ọjà bá yá àti tí kò bá yá. Wọ́n ní àpótí kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń yí i. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

Ẹ kú ọjà o. Ìdí àdìrẹ lèmi náà wà, ìwé mẹ́ta ni mo sì kọ́kọ́ ṣe, ọ̀kan fún ọjà yíyá, ọ̀kan fún bó ṣe máa ń rí, ọ̀kan fún ọjà kíkú. Tí wọ́n bá fi kún owó ṣọ́ọ̀bù, màá tún un ṣe nínú ọ̀kan, màá gbàgbé méjì tó kù. Kò pẹ́ tí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi dà bíi ti oníṣòwò mẹ́ta tí kò mọra wọn rí. Ẹ ṣe ìwé kan.

Nínú B1 ni kí ẹ máa tẹ 1, 2 tàbí 3: 1 ni ọjà yá, 2 ni bó ṣe máa ń rí, 3 ni ọjà kú. Ẹ lọ sí Data Validation kó má baà gba nọ́mbà míì. Lẹ́yìn náà, ìlà mẹ́ta péré ni B1 máa darí. Ìlà 4 ni ìye tí ẹ máa fi sọ ọjà di púpọ̀ tàbí díẹ̀, ìlà 5 ni ìdá tí àwọn oníbàárà ń san lọ́wọ́ kan náà, ìlà 6 ni ìdá tí aṣọ funfun, aró àti owó aláró ń jẹ nínú owó ọjà. C, D àti E ni ẹ máa kọ nọ́mbà ti ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. B ló ń mú èyí tó yẹ:

```
B4: =CHOOSE($B$1, C4, D4, E4)
```

Ẹ fà á sísàlẹ̀ dé B6. Ìlà 7 ni orúkọ oṣù, láti C títí dé N. Ìlà 8 ni iye tí ẹ rò pé ẹ máa tà, ìlà 9 sì ni iye náà lẹ́yìn tí B4 ti fọwọ́ kàn án:

```
C9:  =C8*$B$4
C10: =C9*$B$5+B9
D10: =D9*$B$5+C9*(1-$B$5)
C11: =D9*$B$6
```

Ẹ fa C9 lọ sápá ọ̀tún dé O9, D10 dé N10, C11 dé N11. Ìlà 10 ni owó tó wọlé gan-an, ìlà 11 ni owó aṣọ àti aró. Ẹ wò ó dáadáa: owó aṣọ oṣù yìí, ọjà oṣù tó ń bọ̀ ló ń tọ̀, torí a ò lè ta ohun tí a kò tíì rẹ. Nítorí náà ẹ máa nílò oṣù kẹtàlá nínú O8 àti O9, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ oṣù kejìlá á dà bí ẹni pé ẹ ò ra nǹkan kan. B9 sì ni gbèsè tí àwọn èèyàn jẹ yín kọjá ọdún. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé gbèsè yín, nítorí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yí tí B1 bá yí. Ìlà 12 ni owó ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ àti ọkọ̀. Ìlà 13 ni owó tó wà nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù, ìlà 14 ni èyí tó kù níparí: 13 pẹ̀lú 10, ká yọ 11 àti 12.

Ìlà 8 nìkan ni mo fẹ́ kìlọ̀ fún yín lé lórí. Ẹ má kàn da ti ọdún tó kọjá kọ. Ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ni Iléyá bọ́ sí ní 2024, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ni ní 2025, ó sì ti wọ oṣù karùn-ún ní 2026. Bó ṣe ń sún síwájú ni oṣù tí ẹ máa kówó sí aṣọ náà ń sún.

Ẹ jẹ́ ká wá fi nọ́mbà sí i. Ká ní ₦200,000 ló wà nílẹ̀, àwọn èèyàn jẹ yín ní ₦500,000, ọjà jẹ́ ₦1,000,000 lóṣooṣù àfi oṣù karùn-ún tó jẹ́ ₦2,000,000 nítorí Iléyá. Owó ṣọ́ọ̀bù àti tàwọn ọmọ iṣẹ́ jẹ́ ₦250,000, aṣọ àti aró ń jẹ ìdá 60 nínú 100 nínú ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí B1 bá jẹ́ 2, tí ìdajì ń wọlé lọ́wọ́ kan náà, ₦650,000 ló máa wà nílẹ̀ níparí oṣù kẹta, ₦200,000 níparí oṣù kẹrin. Aṣọ Iléyá ló gbé ìyókù lọ.

Ibi tí mo ti jìyà rèé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ipò kẹta, ọjà nìkan ni mo dín kù, mo fi 0.7 sí E4, mo fi ìdajì sílẹ̀ nínú E5. Níparí oṣù kẹrin, ìwé sọ pé ₦50,000 ṣì máa kù. Mo ní kò burú. Àmọ́ nígbà tí ọjà bá kú, gbèsè náà ló ń pọ̀. Ẹni tó ń san ìdajì tẹ́lẹ̀ á ní kí ẹ ṣe sùúrù. Ẹ yí E5 sí 0.3, ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan míì, oṣù kẹrin di −₦90,000. Ọjà kò dín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èrè kò yí, ₦140,000 kàn ń bẹ lọ́wọ́ oníbàárà ni. Lọ́dún yẹn, àwọn kan tó ra aṣọ ẹbí lọ́wọ́ mi dá ìyókù dúró, mo sì lọ yá owó èlé láti fi ra aṣọ funfun. Ìwé ti sọ fún mi pé kò séwu.

Ẹ má rò pé ipò kìíní kò léwu o. Tí C4 bá jẹ́ 1.4, tí C5 sì jẹ́ ìdajì, ₦530,000 ni oṣù kẹrin máa gbé lọ, ó ju ti ọjà kíkú tó gbé ₦390,000. Torí ₦930,000 ti wà nílẹ̀ níparí oṣù kẹta ni kò fi hàn. Ẹni tó bá ti fi owó yẹn ra ọkọ̀ nínú oṣù kẹta á gbọ́ ọ.

Ẹ fi èyí sísàlẹ̀ kó máa sọ oṣù tó le jù fún yín:

```
B17: =MIN(C14:N14)
B18: =INDEX(C7:N7, MATCH(B17, C14:N14, 0))
```

Àṣìṣe tó sábà máa ń ba ìwé yìí jẹ́: ẹnì kan mú iṣẹ́ wá fún oṣù karùn-ún, inú mi dùn, mo tẹ iye náà lé G9 lórí. Fọ́múlà lọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo ṣe ń yí B1, gbogbo oṣù ń yí, oṣù karùn-ún dúró gbagidi, n kò sì mọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. G8 ló yẹ kí n tẹ̀ ẹ́ sí. Ẹ tẹ Ctrl + ` kí fọ́múlà hàn. Ibi tí nọ́mbà lásán bá ti yọjú láàárín ìlà 9, ibẹ̀ ni.

Nípa ₦90,000 yẹn, ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé kí n tó ki aṣọ Iléyá bọ aró, mo ń gba àsansílẹ̀ ìdá 20 nínú 100 owó ọjà oṣù karùn-ún nínú oṣù kẹrin. Nínú ọjà kíkú, ìyẹn jẹ́ ₦280,000, oṣù kẹrin á sì parí sí ₦190,000. Ẹ fi kún F10, ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú G10, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa ka owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì.