Lẹ́tà kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lẹ́yìn tí wọ́n lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́

"Ẹ̀yin àgbà, wọ́n lé mi dànù lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní mo ní ọjọ́ 14 láti kọ lẹ́tà kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ta ni kí n kọ ọ́ sí, kí ni kí n sì kọ síbẹ̀?"

Àbúrò mi, o kú ìrọ́jú. Ẹni tí ìwé òfin òṣìṣẹ́ yín bá dárúkọ ni kí o kọ ọ́ sí. Bí wọn ò bá dárúkọ ẹnì kankan, kọ ọ́ sí ọ̀gá tó ju ẹni tó buwọ́ lu lẹ́tà tí wọ́n fi lé ọ lọ.

Lọ́dún 2019, èmi ni mò ń tọ́jú sítóò iléeṣẹ́ kan ní Adó. Mo ti lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀. Wọ́n ka ọjà, àpò sìmẹ́ǹtì 40 dín. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n fún mi ní kúẹ́rì, wọ́n ní èsì gbọ́dọ̀ dé kí aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì tó lù. Mo dáhùn. Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, ọsibítù ni mo wà lọ́dọ̀ ọmọ mi, mo sì ti fi ìwé dókítà ránṣẹ́. Wọ́n jókòó láìsí mi. Lẹ́tà tí wọ́n wá kọ kò ju ìlà mẹ́rin lọ, ó ní àwọn "ti gbọ́ tẹnu mi". Gbólóhùn yẹn ṣì ń ta mí lára títí dòní. Ta ló gbọ́ tẹnu mi?

Ojú ewé márùn-ún ni lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ kọ. Mo pe máníjà ní olè, mo ka gbogbo oore tí mo ti ṣe wọ́n láti 2013, mo fi èpè díẹ̀ kún un. Obìnrin tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ ní Òkèṣà gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó ní, "Bọ̀dá, ibo lẹ ti sọ níbí pé ẹ̀yin kọ́ lẹ kó sìmẹ́ǹtì?" Mo wo lẹ́tà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí níbẹ̀.

Ojú ewé kan péré ni èyí tí a tún tẹ̀. Mo kọ́kọ́ kọ ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà wọn, 28 Oṣù Kẹwàá, àti ọjọ́ tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, 4 Oṣù Kọkànlá, kí wọ́n má baà sọ pé mo ti pẹ́ jù. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ìdí mẹ́ta. Àkọ́kọ́: "Ìgbìmọ̀ jókòó láìsí mi, bẹ́ẹ̀ ìwé dókítà ti dé ọwọ́ wọn, ẹ̀dà rẹ̀ nìyí." Ìkejì ló gbà mí: "Ọjọ́ ìsinmi mi ni Sátidé 12 Oṣù Kẹwàá tí ẹ ní sìmẹ́ǹtì náà dín. Mo bẹ̀ yín kí ẹ wo ìwé tí a fi ń gba kọ́kọ́rọ́ sítóò lọ́jọ́ náà, kí ẹ wo ẹni tó buwọ́ lù ú." Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ìwé náà ni mo ní kí wọ́n lọ wò. Ìkẹta: ìwé òfin wọn fúnra wọn ní ìkìlọ̀ ló kàn fún ẹni tí ọjà rẹ̀ bá dín lẹ́ẹ̀kan, èmi ò sì ní ẹ̀ṣẹ̀ rí.

Mo wá bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ tún un gbọ́ níwájú mi, kí wọ́n sì pa ìdájọ́ náà rẹ́. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n yí i sí pé iṣẹ́ parí ní ìrọ̀rùn, kí wọ́n san owó ìkìlọ̀ oṣù kan tó tọ́ sí mi, ìyẹn owó oṣù kan dípò kí wọ́n ti sọ fún mi ṣáájú pé iṣẹ́ máa parí.

Ẹ̀dà méjì ni kí o gbé lọ. Wọ́n á gba ọ̀kan, wọ́n á lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sára èkejì fún ọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni akọ̀wé wọn dá mi padà, tó ní òǹtẹ̀ kò sí nílé. Mo jókòó síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta títí ó fi rí i. Lọ́yà kan tilẹ̀ ti gba owó lọ́wọ́ mi kí ó tó kọ lẹ́tà ìhalẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fèsì sí. Kò bi mí léèrè ìwé kọ́kọ́rọ́ rárá.

Wọn ò dá mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n yọ "ìléjáde" kúrò, wọ́n fi ìkìlọ̀ oṣù kan rọ́pò, mo sì gba owó mi. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré, torí ẹni tí wọ́n lé dànù kì í sábà gba owó ìkìlọ̀ tàbí owó ọdún tó lò. Owó fẹ̀yìntì tó wà nínú àkáǹtì rẹ ní tirẹ̀, tìrẹ ni, wọn ò lè fọwọ́ kàn án.

O ò sọ bóyá iṣẹ́ ìjọba ni tàbí ti aládàáni. Ó ṣe pàtàkì. Bí òfin bá ti de iṣẹ́ ìjọba kan, tí wọn ò sì tẹ̀lé òfin náà kí wọ́n tó lé ọ, ilé ẹjọ́ lè dá ọ padà. Ní ti aládàáni, owó ni wọ́n sábà máa ń ní kí wọ́n san.

Wọ́n lè pè ọ́ wá gba owó díẹ̀, kí wọ́n sì gbé ìwé kan síwájú rẹ tó ní o ò ní ohunkóhun bá wọn dù mọ́, tàbí kí wọ́n ní kí o fúnra rẹ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Má buwọ́ lu èyíkéyìí nínú méjèèjì kí èsì lẹ́tà rẹ tó dé.