Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pe gbogbo wọn ní dókítà

"Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. A fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ìlera ọ̀fẹ́ ní Òkè-Àró l'Ákùúrẹ́, bípí àti ṣúgà la máa yẹ̀ wò. Fọlọntía mẹ́rìnlá la ní. Báwo ni kí n ṣe fi wọ́n han àwọn èèyàn ká tó bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ni àbí kí n kàn sọ pé àwa la wá?"

Ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ kan, iṣẹ́ kan, ó tán. Àwọn tó ń to àga àtàwọn tó wà nídìí jẹnẹrétọ̀, ẹ kí wọn pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba máíkì lọ́wọ́ yín kó wá sọ pé "gbogbo àwọn dókítà wa rèé o."

Ohun tí wọ́n ṣe fún wa nìyẹn. Àdúgbò kan l'Ákùúrẹ́ níbí náà ni, a ti to tábìlì sábẹ́ kanópì, àwọn èèyàn ti jókòó tipẹ́, kí ọ̀gá kan tí wọ́n rán wá láti ọ́fíìsì ìjọba tó yọjú. Ó gba máíkì, ó kí àwọn olóyè, ó kí ìyálọ́jà, ó sọ gbogbo ohun tí ìjọba ti ṣe, ó wá nawọ́ sí gbogbo wa tí a wọ kóòtù funfun, ó ní dókítà ni gbogbo wa. Dókítà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì méjì, àwọn tó kù akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Ọmọ tó ń kọ orúkọ sí káàdì, kò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ bípí rí láyé ẹ̀.

Àbúrò ìyá mi wà lára àwọn tó wá lọ́jọ́ náà, èlùbọ́ ni wọ́n ń tà. Wọ́n wọn bípí wọn, 190 lókè, 120 nísàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sí káàdì, ó ní kí wọ́n lọ sí tábìlì tó kàn, èrò sì pọ̀ níbẹ̀ bí nǹkan míì. Wọ́n bá padà sọ́dọ̀ ọmọ tó kọ orúkọ wọn, ṣebí wọ́n ní dókítà lòun náà, wọ́n na káàdì sí i, "Dókítà, ṣé kò séwu?" Ojú ti ọmọ náà. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ níwájú gbogbo èèyàn pé òun kì í ṣe dókítà lẹ́yìn tí ọ̀gá ti pè é bẹ́ẹ̀? Ó ní "Ẹ lọ sinmi mà, ẹ dín iyọ̀ kù." Màmá ká káàdì yẹn, wọ́n so ó mọ́ etí ìró wọn, wọ́n sì gba ọjà lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ọmọ wọn pè mí pé ẹnu wọn ti wọ́, ọwọ́ ọ̀tún ò ṣe é gbé. Rọpárọsẹ̀ ni. Wọ́n wà láyé, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn ò ro ọkà mọ́.

Kò sẹ́ni tó lè búra pé kò ní ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá rí dókítà. Àmọ́ a kì í tìtorí pé èrò pọ̀ ká jẹ́ kí ẹni tí bípí ẹ̀ rí báyẹn lọ sílé. Tó bá ti tó 180 lókè tàbí 120 nísàlẹ̀, kí wọ́n dá ẹni náà dúró, kó sinmi, kí wọ́n tún un wọ̀n, kí dókítà bi í bóyá orí ń fọ́ ọ gan-an, àyà ń dùn ún, ojú ń ṣú, tàbí apá kan ara ń kú. Tí ọ̀kan bá wà nínú ẹ̀, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo lọ bá ọ̀gá yẹn, ó ní òun kàn ń pọ́n wa lé ni. Àpọ́nlé! Inú ń bí mi títí dòní.

Nítorí náà, kí fọlọntía kọ̀ọ̀kan sọ tẹnu ara ẹ̀, kó dúró sídìí tábìlì tó ti máa ṣiṣẹ́, kó sọ ohun tó máa ṣe àti ohun tí kò ní ṣe. Báyìí: "Ẹ káàárọ̀ o, Bùnmi lorúkọ mi, èmi ni mo máa kọ orúkọ yín. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò lè túmọ̀ káàdì yín, mi ò sì ń fúnni lóògùn." Tó bá ti sọ ọ́ lórí máíkì, ojú ò ní tì í mọ́ láti tún un sọ fún màmá kan lọ́sàn-án. Ẹ tò wọ́n bí tábìlì ṣe tẹ̀ léra, kí àwọn èèyàn lè máa fojú bá ọ̀nà lọ. Kóòtù funfun, nọ́ọ̀sì àti dókítà nìkan ni kó wọ̀ ọ́, ẹ bá mi fi ọwọ́ líle mú ìyẹn.

Ẹnì kan wà tí wọ́n máa ń fò, ẹni tó ń fi èèyàn jókòó ṣáájú bípí. Àwọn èèyàn máa fẹsẹ̀ rìn gun òkè wá, wọ́n á ṣì máa mí gúlegúle, tí wọ́n bá wọ̀n wọ́n báyẹn ó máa lọ sókè lásán. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni kí wọ́n fi jókòó, kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, láìsọ̀rọ̀. Tẹ́ ò bá fi ẹni yẹn hàn dáadáa lórí máíkì, wọ́n á tì í sẹ́yìn ni, pàápàá àwọn bàbá tó rò pé ọmọdé kan ń dá wọn dúró.

Ẹni tó máa gún ọmọ ìka fún àyẹ̀wò ṣúgà ńkọ́? Ìyẹn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lásán. Ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀ yìí, ẹ mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì wa kan gbé abẹ́rẹ́ kékeré yẹn sókè, ó já ìdérí ẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó gún ọmọ ìka ara ẹ̀, ó ní "Ẹ̀kán kan ṣoṣo la nílò, tiyín máa jẹ́ tuntun bí èyí, ẹ ò gbọdọ̀ gbà kí n gún yín tí mi ò bá ṣí i lójú yín," ó sì jù ú sínú àpótí abẹ́rẹ́. Àwọn ìyá tó ti ń dìde tún jókòó. Níbẹ̀ náà ni kí ẹ ti béèrè ta ni ò tíì jẹun láti alẹ́ àná, kí akọ̀wé kọ ọ́ sí káàdì, torí fún ẹni tí ò jẹun, ṣúgà 126 mg/dL ti tó láti rán an lọ ṣe àyẹ̀wò ní láàbù, ẹni tó ti jẹun, 200 ni. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìfihàn yìí ò fi gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kí olóyè kí yín, kó gbàdúrà. Kánsẹ́lọ̀ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gígùn, kó dúró di ìparí, ebi ń pa àwọn arúgbó.

Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé àwọn Ẹ̀bìrà tàbí Haúsá wà ládùúgbò, kí ògbufọ̀ wọn dìde sọ tiẹ̀ ní èdè wọn, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn nawọ́ sí i.

Ohun tí a wá ń ṣe báyìí, nọ́ọ̀sì kan ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà àbájáde, òun la sì ń fi hàn gbẹ̀yìn kí wọ́n má bàa gbàgbé ojú ẹ̀. "Ẹ má kọjá lọ́dọ̀ mi láìfi káàdì hàn mí." Tí dókítà ò bá ti fọwọ́ sí káàdì, ó ń dá wọn padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sì dé lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi gbogbo yín hàn tán, torí náà ẹ kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gàdàgbà sórí páálí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú tábìlì, kí akọ̀wé tún máa sọ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé pé ibo ni dókítà wà. Nọ́ọ̀sì mélòó ló wà nínú àwọn mẹ́rìnlá yẹn? Tó bá jẹ́ ẹyọ kan péré, ẹ tètè wá òmíràn ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tó wà nítòsí, ẹnì kan ò lè máa gún ọmọ ìka kó tún máa ṣọ́ ọ̀nà.