Àlàfo tó wà láàárín iṣẹ́: báwo ni ká ṣe kọ ọ́ sínú lẹ́tà?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fi iṣẹ́ akọ̀wé owó sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2023 nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá mi. Oṣù kẹsàn-án 2024 ni ara wọn tó mókun, àtìgbà náà ni mo ti ń wá iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n sún ọjọ́ tí mo kúrò níbi iṣẹ́ síwájú kí àlàfo náà lè kéré. Kí ni kí n kọ?

Ìdáhùn: Ẹ má sún ọjọ́ kankan. Tí ilé iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ wọ̀ bá wádìí yín lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ àtijọ́, ọjọ́ tí ẹ wọlé àti ọjọ́ tí ẹ jáde wà lára ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Tí ti yín bá yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́ àtijọ́, irọ́ ló máa ba iṣẹ́ náà jẹ́, kì í ṣe àlàfo. Kódà tí wọ́n bá ti gbà yín, wọ́n ṣì lè torí ẹ̀ dá yín dúró.

Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe ni kó ṣáájú, kí àlàyé yìí wá lẹ́yìn rẹ̀, báyìí:

“Ní oṣù kẹta 2023, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́jú ẹbí mi kan tó ń ṣàìsàn. Ara ẹni náà ti mókun ní oṣù kẹsàn-án 2024, àtìgbà náà ni mo ti ń wá iṣẹ́. Mo ti ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀.”

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kà á fẹ́ mọ ìdí tí ẹ fi kúrò, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó gbé yín kúrò ṣì wà nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn kejì fi ṣe pàtàkì jù, òun sì ni àwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé. Wọ́n á ròyìn ilé ìwòsàn títí, wọn ò ní sọ pé ó ti parí. Ẹ má dárúkọ àìsàn náà, ọ̀rọ̀ àṣírí ìyá yín ni. Ẹ má tọrọ àforíjì náà.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò fi ìtọ́jú ìyá yín bo àwọn oṣù tí ẹ fi ń wá iṣẹ́. Tí ẹ bá fà á gùn dé òní, wọ́n á rò pé àná ni ìyá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn, ẹ̀rù á sì bà wọ́n pé ẹ tún lè lọ.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ń bá ẹgbẹ́ kan kọ ìwé owó láàárín ìgbà náà, ẹ fi gbólóhùn kan sọ ọ́. Àmọ́ ẹ má pe ara yín ní oníṣẹ́ àdáni tí kò bá sí oníbàárà kan tí wọ́n lè pè, torí wọ́n á béèrè nọ́ńbà rẹ̀.

Kí ẹ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìtàn iṣẹ́ yín, kí oṣù àti ọdún inú méjèèjì bára mu.