Tí "Ìyá Mi" Bá Pọ̀ Jù Nínú Ìpínrọ̀ Kan

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀pẹ́ ni mo wà. Ìyá mi fẹ́ pé ọmọ ọdún 60, mo wá ń kọ ìtàn wọn sínú ìwé kékeré tí a máa pín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kà á, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan náà ló ń padà wá ṣáá, kò sì dùn ún kà. Mo fi "wọ́n" rọ́pò "ìyá mi" káàkiri, ló bá tún dàrú sí i. Ìpínrọ̀ náà nìyí:

"Ìyá mi ń ta ẹja ní ọjà Olúwo. Ìyá mi máa ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí. Ìyá mi máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ rù. Ìyá mi máa ń lọ sí etí ọ̀sà. Ìyá mi máa ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja. Ìyá mi máa ń ṣa ẹja ńlá sọ́tọ̀. Ìyá mi kì í ná ọjà jù. Àwọn apẹja fẹ́ràn ìyá mi. Ìyá mi máa ń yan ẹja tó bá ṣẹ́kù ní ọ̀sán."

Báwo ni mo ṣe lè tún un ṣe?

Ìdáhùn

Àbúrò mi, ẹ kú ìmúra ìnáwó o. Ẹ bá mi kí ìyá wa, ẹ̀mí wọn á gùn.

Kí o tó pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́, mú bírò. Kọ ọ̀rọ̀ méjì tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, kí o wá ka iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú gbólóhùn náà, kí o kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀. Bí mo ṣe máa ń ṣe sí iṣẹ́ gbogbo ẹni tó bá gbé ìwé wá fún mi nìyẹn, nítorí ojú máa ń tètè fo ohun tí ọwọ́ ẹni kọ. Nínú gbólóhùn 9 tí o kọ, 8 ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ìyá mi." "Máa ń" jẹ yọ nígbà 6. Láti gbólóhùn kìíní dé ìkeje, kò sí èyí tó dín ní ọ̀rọ̀ 7, kò sì sí èyí tó ju 9 lọ. Ibi tí àìsàn wà gan-an nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ gbọ́ "ìyá mi" nítorí òun ló hàn jù, ṣùgbọ́n gígùn tó dọ́gba yẹn ló ń jẹ́ kí etí máa retí rẹ̀. Bí gbólóhùn bá ń parí ní ibì kan náà ní gbogbo ìgbà, etí á ti mọ ohun tó ń bọ̀ kí ó tó dé.

Ohun tó fà á ni pé o fún ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn tirẹ̀. Gbígbé apẹ̀rẹ̀ rù gba gbólóhùn kan, lílọ sí etí ọ̀sà gba òmíràn, bẹ́ẹ̀ ìrìn kan náà ni méjèèjì. Ní ìdà kejì, ọ̀rọ̀ pé ìyá wa kì í ná ọjà jù, tó jẹ́ pé òun ló fi ìwà wọn hàn, ìwọ̀n kan náà ni o fún un bíi ti apẹ̀rẹ̀. Torí náà, bi ara rẹ pé: èwo nínú nǹkan wọ̀nyí ló jẹ́ ìgbésẹ̀ kan náà, èwo ló sì yẹ kó dá dúró?

Èdè wa ti fún wa ní ọ̀nà tó rọrùn láti so àwọn tó jẹ́ ìgbésẹ̀ kan náà pọ̀. A máa ń sín ọ̀rọ̀-ìṣe pọ̀ lẹ́yìn olùwà kan ṣoṣo: "wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ rù lọ sí etí ọ̀sà." Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta, olùwà kan, kò sí "àti," kò sí kọ́mà. "Ìyá mi" kan ti lọ lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ pé a wá ohunkóhun rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Tí ìgbésẹ̀ bá ti yàtọ̀ síra, tí kọ́mà sì ti wọ àárín wọn, olùwà gbọ́dọ̀ padà wá. Mo máa ń rí i nínú iṣẹ́ àwọn tí ilé ìwé ti mọ́ lára ju ilé lọ pé wọ́n á kọ "wọ́n dé etí ọ̀sà, ra ẹja, ṣa àwọn ńlá." Kò sí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jà. "Wọ́n dé etí ọ̀sà, wọ́n ra ẹja, wọ́n ṣa àwọn ńlá" la máa ń sọ, "wọ́n" tó sì ń padà wá níbẹ̀ kì í ṣe àléébù. Inú gbólóhùn kan ló wà, ó ń gbé ọ̀rọ̀ gòkè.

Jẹ́ ká wá wo ìdí tí "wọ́n" tí o fi sí i káàkiri fi da ọ̀rọ̀ rú. "Wọ́n" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún ìyá ẹni náà ni "wọ́n" tí a fi ń pe ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nínú ìpínrọ̀ rẹ, àwọn apẹja wà níbẹ̀. Wo ìparí rẹ̀ bí o bá fi "wọ́n" sí i: "Àwọn apẹja fẹ́ràn wọn. Wọ́n máa ń yan ẹja tó bá ṣẹ́kù ní ọ̀sán." Ta ló ń yan ẹja? Ẹni tí kò mọ ìyá wa á ní apẹja ni. Kódà ká ní bàbá apẹja kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, "wọ́n" kan náà la máa fi bọ̀wọ̀ fún òun náà, ọ̀rọ̀ á sì tún dàrú.

Ìlànà tí mo ń lò ni pé bí olùwà gbólóhùn tó ṣáájú bá jẹ́ ìyá, "wọ́n" tó. Bí ẹlòmíràn bá ti di olùwà, kódà fún gbólóhùn kan péré, mo máa ń pe "ìyá mi" padà kí n tó tẹ̀ síwájú. Nítorí náà, a ò ní lè yọ gbogbo "ìyá mi" kúrò, kò sì yẹ ká fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ojú òǹkàwé ti lè ṣìnà ni a ó fi í sí, àti ibi tí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tẹ̀wọ̀n.

Ó ku bí a ṣe ń yí ìbẹ̀rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá gbọ́ pé kí wọ́n má fi ohun kan náà bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn máa ń sáré lọ bá "ni." Wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ kan wá síwájú, wọ́n á fi "ni" tì í, ó tán. Má ṣe é bẹ́ẹ̀. "Ni" máa ń tẹnu mọ́ nǹkan, ó máa ń dà bí ìdáhùn sí ìbéèrè tí ẹnì kan ti bi. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ yìí pé "Ẹja ni ìyá mi ń tà," á dà bí ẹni pé ẹnì kan ti ní ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń tà, tí o wá ń já a nírọ́. Gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ kò ní wàhálà kankan, ó fi ìyá wa hàn wá, kí o fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Àmọ́ aago mẹ́rin ìdájí yẹ fún ìtẹnumọ́, nítorí òun ló ya òǹkàwé lẹ́nu. "Ni" bá a mu. Fún èyí tó tẹ̀ lé e, awẹ́ gbólóhùn tó ń sọ ìgbà ni mo máa fi síwájú, irú bíi "kí ilẹ̀ tó mọ́." Òun ló máa gba "máa ń" kúrò lọ́wọ́ wa pẹ̀lú, nítorí "wọ́n á ti" á rọ́pò rẹ̀, a ó ṣì mọ̀ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ni.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

"Ìyá mi ń ta ẹja ní ọjà Olúwo. Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n máa ń jí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti gbé apẹ̀rẹ̀ rù dé etí ọ̀sà, wọ́n á ti ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja, wọ́n á sì ti ṣa àwọn tó tóbi sọ́tọ̀. Ìyá mi kì í ná ọjà jù. Ìdí nìyí tí àwọn apẹja fi fẹ́ràn wọn. Èyí tó bá ṣẹ́kù di ọ̀sán, ìyá mi á yan án."

Gbólóhùn 9 ti di 6, "ìyá mi" 9 ti di 3. Iye ọ̀rọ̀ inú wọn, ní títẹ̀léra, ni 8, 8, 30, 7, 8, 11. Èyí tó ní ọ̀rọ̀ 30 yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù, àmọ́ èyí tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí o wò dáadáa. "Ìyá mi kì í ná ọjà jù" kò yí padà rárá láti inú tìrẹ. Níbi tó wà tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i. Nígbà tó wá bọ́ sẹ́yìn gbólóhùn gígùn, tó kúrú, tó sì pe orúkọ lẹ́yìn "wọ́n" mẹ́ta, ó dún ketekete. Lẹ́yìn rẹ̀, mo lè sọ pé àwọn apẹja "fẹ́ràn wọn" láìbẹ̀rù, torí kò sẹ́ni tó máa rò pé àwọn apẹja ń fẹ́ràn ara wọn. Àwọn ni olùwà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí "ìyá mi" fi padà nínú gbólóhùn tó kẹ́yìn.

"Kí ilẹ̀ tó mọ́" yẹn, èmi ni mo fi kún un. Bi ìyá wa léèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ti máa ń mọ́ kí ọkọ̀ àwọn apẹja tó gúnlẹ̀, kọ "Bí ọkọ̀ àwọn apẹja bá ti gúnlẹ̀," kí o wá tún gbólóhùn náà tò bó ṣe yẹ. Ìwọ̀hùn dáadáa kò tó ìdí láti pa irọ́ mọ́ ìyá ẹni.

Nígbà tí o bá dé orí àwọn ìpínrọ̀ yòókù, ohun méjì ni kí o ṣọ́ra fún. Àkọ́kọ́, má fi orúkọ oríṣiríṣi rọ́pò "ìyá mi," bíi "akíkanjú obìnrin yìí," "ẹlẹ́ja pàtàkì náà," "màmá arẹwà." Ìyá kan á wá dà bí ènìyàn mẹ́rin. Èkejì, má fi "lẹ́yìn náà" dípò rẹ̀. Bí gbólóhùn mẹ́rin bá fi "lẹ́yìn náà" bẹ̀rẹ̀ léraléra, àìsàn kan náà ni, aṣọ ló pààrọ̀.

Tí o bá parí, má ka á fúnra rẹ. Fún ẹ̀gbọ́n rẹ kí wọ́n kà á sókè, kí ìwọ di ẹ̀dà kan mú. Ibi tí wọ́n bá ti padà sẹ́yìn láti tún gbólóhùn kà, fà á lámì: bóyá "wọ́n" kan ló ṣi wọ́n lọ́nà. Ibi tí èémí wọn bá ti tán kí gbólóhùn tó parí, pín in sí méjì. Ibi tí ohùn wọn bá ti ń lọ sílẹ̀ ní ọ̀nà kan náà léraléra bí ẹni tó ń ka orúkọ nínú rẹ́jísítà, gígùn gbólóhùn ti dọ́gba níbẹ̀, kí o so méjì pọ̀.

Bí ìwé náà bá ní ojú ewé tí o kọ oríkì ìyá wa sí, má gbé ìkankan nínú èyí débẹ̀. Àwítúnwí inú oríkì ní iṣẹ́ tó ń ṣe, bí àwọn àgbà ilé yín bá ṣe ń kì í gan-an ni kí o kọ ọ́.