Ìgbẹ́ gbuuru ọmọ ọwọ́: bí a ṣe ń po ORS àti bí a ṣe ń fún un

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi jẹ́ oṣù mẹ́jọ. Láti àná ló ti ń ṣu omi, ó sì ń bì. Mo ra ORS ní ọjà Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo níbí, mò ń bu díẹ̀díẹ̀ lára ẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù, àmọ́ tó bá ti mu ún, á bì í. Ìyá ọkọ mi ní kí n má fún un lóúnjẹ, kí ikùn ẹ̀ lè sinmi. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má bu ORS díẹ̀díẹ̀ mọ́, ìyá ọmọ. Odindi ọ̀rá kan là ń dà sínú omi tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Iyọ̀ àti ṣúgà tó wà nínú rẹ̀ jọ ń gba ara ìfun wọlé ni, omi sì ń tẹ̀ lé wọn. Bó bá ki jù, ṣe ni yóò tún fa omi ara ọmọ jáde sínú ìfun: ìgbẹ́ á pọ̀ sí i, iyọ̀ á sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, débi pé gìrì lè mú ọmọ. Bó bá ṣàn jù, iyọ̀ tó ti bá ìgbẹ́ lọ kò ní padà.

Ọ̀pọ̀ ọ̀rá wà fún omi lítà kan, àwọn kan sì kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ ka tiyín kí ẹ tó já a. Píọ́ wọ́tà méjì tí wọ́n kọ 50cl sí ló yẹ kó pé lítà kan, àmọ́ òmíràn kì í kún. Ohun tó dájú jù ni kí ẹ fi ike omi 50cl tó mọ́ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá jẹ́ omi kànga, ẹ sè é, kí ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó po oògùn sí i. Èyí tó bá kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù.

Ní ti èébì, mímu tó ń mu ún gbàà lẹ́ẹ̀kan ló sábà máa ń fà á. Bó bá bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ wá máa fi ṣíbí tíì fún un, ṣíbí kan ní ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ó lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ ṣíbí tíì kan jẹ́ mìlílítà 5, ọgbọ̀n ṣíbí láàárín wákàtí kan sì jẹ́ 150. Láàárín wákàtí mẹ́rin, ó ti di 600. Iye yẹn gan-an ni wọ́n ń fún ọmọ tó wọn kílò 8 ní ilé ìwòsàn bí omi ara rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀. Bí omi kò bá tíì dín lára tiyín, mìlílítà 50 sí 100 lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti tó, ìyẹn ṣíbí 10 sí 20.

ORS kì í dá ìgbẹ́ dúró o. Omi tó ń lọ ló ń dá padà. Ìgbẹ́ náà lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó tán. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìyá ti ń jáwọ́ nìyí, tí wọ́n á lọ ra Fílájììlì tàbí oògùn tó ń dí ìgbẹ́. Èyí tó ń dí ìgbẹ́ yẹn léwu gidi fún ọmọ ọwọ́. Síǹkì ni kí ẹ rà: hóró kan tó jẹ́ mílígíráàmù 20, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 ó kéré tán, kódà bí ìgbẹ́ bá ti dúró. Ẹ yọ́ ọ sínú ọmú tí ẹ fún sínú ṣíbí. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ìdajì hóró ni tirẹ̀.

Ẹ bá mi kí màmá, àmọ́ ebi kì í wo ìfun sàn. Oúnjẹ ni ìfun fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ máa fún un lọ́mú lemọ́lemọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ògì tó ṣàn lásán, omi ni. Ẹ jẹ́ kó ki díẹ̀, kí ẹ fi sóyà lílọ̀ tàbí ẹyin sísè tí ẹ gún kúnná sí i pẹ̀lú epo pupa díẹ̀. Mọ́ínmọ́ín rírọ̀ náà dára. Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́, á rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Mínírà àti tíì tó dùn jù kò dára: bíi ORS tó ki jù ni wọ́n ṣe ń fa omi jáde. Bí ara rẹ̀ bá yá, ẹ fi oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan kún ti ojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ máa yẹ awọ ikùn rẹ̀ wò. Ẹ fi àtàńpàkò àti ìka ìlábẹ̀ fún awọ ẹ̀gbẹ́ ìdodo sókè díẹ̀, kí ẹ sì jù ú sílẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló yẹ kó padà. Bó bá ń lọ́ra, tí ojú rẹ̀ jìn wọnú, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ wọlé, tí kò tọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, tàbí tó ń fi ìwọra já omi gbà, omi ti ń tán lára rẹ̀: ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Bí awọ náà bá dúró ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ, tí ọmọ rọ jọwọlọ, tí kò lè mu mọ́, tàbí tó ń bi gbogbo ohun tó mu, ẹ má dúró po ohunkóhun. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Asúbíaró ni kí ẹ gbà lọ tààrà, lóru tàbí lọ́sàn-án. Awọ nìkan lè tanni jẹ o: tọmọ tó sanra lè tètè padà nígbà tí omi ti dín, tọmọ tó rù sì lè lọ́ra láìṣe pé omi tán. Ẹ fi ojú àti ìtọ̀ kún un. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, oògùn mìíràn ni dókítà máa kọ, torí náà ẹ má fi ORS nìkan tọ́jú rẹ̀ nílé.

Lójú ọ̀nà, bó bá lajú tó sì ń gbé mì, ẹ máa fún un ní ṣíbí yẹn lọ. Bí kò bá lajú, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, kó má baà pá a lórí.